Ṣé omi kànga tó mọ́ gaara lè fa taifọ́ọ̀dù?

"Omi kànga wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì mọ́ gaara. Ṣé ó ṣì lè fún wa ní taifọ́ọ̀dù?"

Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ojú lásán kò lè rí kòkòrò tó ń fà á. Ìgbẹ́ ẹni tó ní in ló ń bá jáde, tí ṣáláńgá bá sì wà nítòsí kànga, ó lè jò wọ inú omi. Ẹ jẹ́ kí omi mímu hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì dé e. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dí gbogbo ọ̀nà. Ẹ má torí rẹ̀ dẹ́kun omi síse.

Bí a kò bá tọ́jú taifọ́ọ̀dù, ó lè dá ìfun lu, pàápàá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta. Bí inú bá ṣàdéédé ń run aláìsàn gan-an, tí ikùn rẹ̀ sì le bíi pákó, iṣẹ́ abẹ ló kàn: ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.