Òwú ń dì jọ lábẹ́ aṣọ? Òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Maṣíìnì tí mo fi ń ránṣọ nílé ti sú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti pààrọ̀ òwú funfun sí dúdú ló ti ń di òwú jọ sábẹ́ aṣọ. Mo ti yí súkúrù ara ilé bọ́bìnì títí, kàkà kó sàn, ńṣe ló ń burú sí i. Bí mo bá fi rán aṣọ tó ń nà, ó máa ń fo sítíìṣì. Lórí aṣọ òwú pàápàá, sítíìṣì á fún dáadáa níbì kan, á tún dẹ̀ níwájú díẹ̀. Ṣé kí n kúkú gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbé e lọ síbì kankan. Ẹ̀sùn mẹ́ta lẹ kó wá, mi ò sì rò pé ohun kan náà ló fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òwú tó ń dì jọ, torí ẹ ti fẹnu ara yín sọ ibi tó ti wá: ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ òwú ló bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́ aṣọ lẹ ti ń rí i, àmọ́ òkè ló ti ń wá. Nígbàkígbà tí abẹ́rẹ́ bá gún aṣọ, ìkọ́ tó wà lábẹ́ máa ń gba òwú òkè mú, á fà á yí bọ́bìnì ká, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin tó ń jó sókè sódò níwájú maṣíìnì ló máa wá fa òwú náà padà sókè. Ibi tí irin yìí ti máa rí òwú fà gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí àwo kékeré méjì tó wà nínú tẹ́ńṣọ̀n bá fún òwú mọ́ àárín wọn, kò ní lè fa tuntun láti ara róòlù. Èyí tó wà lábẹ́ aṣọ ló máa fà, sítíìṣì á sì fún. Bí òwú ò bá sí láàárín àwo méjèèjì, ara róòlù tó rọrùn ni irin náà á ti máa fa òwú wá, èyí tó ti lọ sábẹ́ á jókòó síbẹ̀. Kí ẹ tó rán ìka kan, ó ti di.

Ohun tó sábà máa ń lé òwú kúrò láàárín àwo yẹn ni pé ẹsẹ̀ maṣíìnì wà nílẹ̀ nígbà tí a ń fi òwú sí i. Bí ẹsẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, àwo méjèèjì ti pa dé, òwú kàn máa gun etí wọn ni. Lójú, ẹ ó rò pé ó gba gbogbo ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Nítorí náà, ẹ yọ òwú òkè kúrò pátápátá, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ sì yí wíìlì sọ́dọ̀ ara yín títí irin tó ń jó á fi dé òkè téńté. Ẹ wá fi òwú sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tẹ́ńṣọ̀n, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di òwú mú nítòsí róòlù, kí ẹ fi òsì fà á wọlé, kó má baà dẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa pé ó wọ ojú irin tó ń jó, torí bí ó bá fo ibẹ̀ náà, yóò di jọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má gba ojú yín gbọ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òwú bá ti wọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ fà á díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wà lókè: ó gbọ́dọ̀ máa bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún fà á: ó gbọ́dọ̀ le débi pé abẹ́rẹ́ á fẹ́ tẹ̀ díẹ̀. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, òwú ò sí láàárín àwo, tàbí kí èérún òwú ti há síbẹ̀ tí àwo ò fi lè pa dé. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ fi etí aṣọ òwú tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì, èérún á bá a jáde. Bí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán, ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 òwú méjèèjì sílẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀, kí ẹ dì í mú títí sítíìṣì mẹ́ta àkọ́kọ́ á fi kọjá.

Ó wá ku súkúrù tí ẹ ti yí. Kò jẹ̀bi nǹkan kan tẹ́lẹ̀, àmọ́ ní báyìí ó ti di ẹ̀sùn tuntun, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí ilé bọ́bìnì yín bá jẹ́ irin tó ṣe é yọ, ẹ fi bọ́bìnì sínú rẹ̀, kí ẹ mú òwú rẹ̀ gba abẹ́ irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀, kí ẹ sì fi òwú náà gbé e kọ́ sínú afẹ́fẹ́. Kò yẹ kó máa já lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá wá mi ọwọ́ díẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, kó sì dúró. Bí ó bá ń já wálẹ̀ gbuurugbu, ó ti dẹ̀ jù. Bí ẹ bá mi ọwọ́ tí kò kúrò lójú kan, ó ti le jù. Súkúrù tó tóbi jù lẹ máa yí, díẹ̀díẹ̀ ni o, kó má ju ìdá mẹ́jọ àyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ọwọ́ yín kí ẹ tó ṣe é, torí súkúrù yẹn kéré débi pé tó bá já bọ́ sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Bí bọ́bìnì yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń jù sínú maṣíìnì látòkè, ẹ máa fi ọwọ́ fa òwú rẹ̀. Kó kàn di ọwọ́ mú fẹ́ẹ́rẹ́.

Sítíìṣì tó fún níbì kan tó dẹ̀ níbòmíràn kì í ṣe ẹjọ́ nọ́ńbà tẹ́ńṣọ̀n. Nọ́ńbà kò yí padà nígbà tí ẹ ń rán, báwo ló ṣe máa ṣe méjì? Nǹkan kan ló ń di òwú mú, tó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, tó tún ń dì í mú. Bọ́bìnì ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ẹ fi èékánná tẹ òwú tó wà lára rẹ̀: ó yẹ kó le gbagidi. Bí ó bá rọ̀ bíi fóòmù, ìgbà tí ẹ ń yí òwú sí i ni òwú ò gba abẹ́ irin kékeré tó ń fún un. Ẹ tú u dànù, kí ẹ tún un yí dáadáa, kí ẹ má sì yí tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí róòlù òwú dúdú yẹn bóyá ibi tí wọ́n gé sí láti há òwú mọ́ kọjú sí ibi tí òwú ń gbà jáde, torí ó máa ń kọ́ òwú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí orí róòlù padà. Ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ibi ìkọ́ àti ìsàlẹ̀ eyín tó ń fa aṣọ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ o, èérún á kàn wọ inú lọ ni.

Lẹ́yìn èyí lẹ tó lè bá nọ́ńbà tẹ́ńṣọ̀n sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e sí 4, ẹ fi òwú pupa sókè àti funfun sábẹ́, kí méjèèjì nípọn bákan náà, kí ẹ rán orí aṣọ òwú tí ẹ ṣẹ́ po sí méjì, kí gígùn sítíìṣì jẹ́ milimítà 2.5. Bí funfun bá ń yọjú lókè, òkè ti le jù, ẹ dín in kù. Bí pupa bá ń yọjú lábẹ́, ẹ fi kún un. Ìdajì nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan ti tó. Bí ẹ bá ti dé 7 tàbí 8 tí pupa ṣì ń yọ lábẹ́, ẹ má lọ síwájú mọ́. Ẹ padà lọ wo bí ẹ ṣe fi òwú sí i.

Ti fífò lórí aṣọ tó ń nà, abẹ́rẹ́ ni mo fura sí. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ìsàlẹ̀, á gòkè padà bíi milimítà 2, òwú ẹ̀yìn rẹ̀ á sì wú síta díẹ̀. Inú ibi tó wú yẹn ni ẹnu ìkọ́ ń wọ̀. Aṣọ tó ń nà máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, á bá a gòkè, òwú ò sì ní wú. Ìkọ́ á kọjá lófìfo, sítíìṣì kan ti fò nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní orí roboto, wọ́n sì gé ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú kí ìkọ́ lè sún mọ́ ọn. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 130/705 H-S sí lára páálí, ìwọ̀n 75/11 fún aṣọ fẹ́lẹ́ tàbí 90/14 fún èyí tó nípọn, bí ìwé maṣíìnì yín bá ti sọ pé 130/705 H ló ń lò. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sí i, ẹ tì í sókè títí kò fi lọ mọ́ kí ẹ tó di súkúrù, kí ojú rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ kọjú sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ maṣíìnì ilé ṣe rí, àmọ́ àwọn àtijọ́ kan wà tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ń kọjú sí, nítorí náà ẹ wo ìwé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá fi milimítà kan wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ á máa fo lórí aṣọ gbogbo. Ẹ má sì máa fi ọwọ́ fa aṣọ yẹn nígbà tí maṣíìnì ń rán an. Ó máa ń tẹ abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ sì ń fò.

Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ tuntun tó yẹ sí i tó ṣì ń fo lórí aṣọ òwú lásán, pàápàá bí abẹ́rẹ́ bá ti kọlu píìnì tàbí sípì rí tó sì ṣẹ́, á jẹ́ pé àsìkò tí ìkọ́ fi ń pàdé abẹ́rẹ́ ti yẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ilé, torí bí a bá ṣe é lódì, ìkọ́ lè máa gbá abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ń gbé e lọ nígbà náà, ẹ má yọ òwú kúrò lára rẹ̀. Ẹ mú bọ́bìnì, abẹ́rẹ́ àti aṣọ tó fi fò dání, kí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe lè rán an lójú yín kó tó tú ohunkóhun.