Ìlà àkọ́kọ́ nínú ímeèlì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ògbufọ̀ ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé àti Yorùbá. Àwọn tó ń ṣe oògùn adìẹ ní Nàìjíríà, tí ọjà wọn ń wọlé sọ́dọ̀ wa, ni mo ń kọ ímeèlì sí pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún mi. Mo ti kọ sí ilé-iṣẹ́ 21, ẹyọ ẹnì kan ò fèsì. Bẹ́ẹ̀ mo máa ń yìn wọ́n dáadáa kí n tó mẹ́nu ba iṣẹ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò, ìyìn yẹn gan-an ni. Mo ka èyí tí o fi ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o. Ilé-iṣẹ́ yín wà lára àwọn tó gbayì jù lọ, àwọn ọjà yín sì máa ń wú mi lórí." Fi ọwọ́ bo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, kí o fi orúkọ ẹni tó ń ta bíríkì sí i. Ṣé o rí i pé kò sí ohun tó yí padà? Ẹni tí o kọ ọ́ sí náà rí i. Lórí fóònù, kí ó tó ṣí lẹ́tà rárá, ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ àti àkọlé. Bí ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn bá jẹ́ "ẹ kú iṣẹ́ takuntakun", ó ti mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ tajà ni, ọwọ́ rẹ̀ á sì kọjá lórí rẹ.

O ṣáà mọ àwọn onílù òde ìnáwó. Èyí tó ń pe gbogbo ẹni tó wọlé ní ọmọ olówó, ọmọ ọlọ́lá, à ń fún un ní nǹkan kí ó lè kọjá síwájú ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá lu oríkì ìdílé ìyá rẹ sí ọ létí, ní òde tí o rò pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, wàá yíjú padà kí o tó mọ̀. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí o wá: èyí tí kò ṣe é kì fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo wá sí Kétu lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣe iṣẹ́ díẹ̀. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti oògùn adìẹ. Mo ra ọ̀rá fítámínì kan, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ìwé rẹ ló ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti àdírẹ́sì wọn. Kí ìyá tó ń tà á tó gbé e fún mi, ó mú báírò, ó kọ ọ́ ní Faransé sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà pé gíráàmù 1 ni kí n po mọ́ omi lítà 2. Mo béèrè ìdí tó fi ń kọ ọ́. Ó ní ẹni tó bá ra á ló ń padà wá béèrè, ó sì ti sú òun. Mo wo àwọn ọ̀rá tó ti kọ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn oníbàárà mìíràn. Lára ọ̀kan, lítà 1 ló kọ, kì í ṣe 2.

Nígbà tí mo délé, mo wo ojú ewé Facebook ilé-iṣẹ́ náà. Lábẹ́ àwòrán fítámínì yẹn kan náà, ẹnì kan fi Faransé béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó fún òròmọdìẹ. Ó ti tó oṣù méjì, wọn ò dá a lóhùn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà mí ju wákàtí kan lọ, owó ọ̀rá kan péré ló sì ná mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tí mo ń bá kọ lẹ́tà ní Àjàṣẹ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ di oníbàárà ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ nípa ara rẹ̀ sórí ayélujára, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà rẹ̀ ní òdìkejì ibodè ni kò rí.

Wàyí o, rírí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí kíkọ ọ́. Mo kọ ọ́ nígbà mẹ́ta kí ó tó jókòó. (Gẹ̀ẹ́sì ni ìwọ yóò fi kọ ọ́ sí wọn, Yorùbá ni mo fi ń ṣe àlàyé níbí.) Àkọ́kọ́ ni: "Mo ṣàkíyèsí pé ọjà yín ń wọ Benin." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sílé lè sọ bẹ́ẹ̀, ó sì lè sọ ọ́ fún ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́. Èkejì ni: "Ìwé ara fítámínì yín kò wúlò fún àwọn oníbàárà Benin, nítorí kò sí Faransé lára rẹ̀." Èyí mú ọjà kan dání, àmọ́ mo ti dájọ́. Ẹni tí yóò kà á lè jẹ́ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ara ọ̀rá náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀ dípò kí ó gbọ́ mi. Ẹ̀kẹta nìyí:

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní Kétu, ìyá tó ta fítámínì yín fún mi fi báírò kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní Faransé sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà kí ó tó gbé e fún mi. Ó ní bí òun kò bá kọ ọ́, oníbàárà á padà wá béèrè."

Wò ó dáadáa. Kò sí ìyìn kankan níbẹ̀, kò sì sí èébú. Ohun tí ojú rí ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlú. Ẹni tó ń kà á á fúnra rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn: ta ló mọ ohun tí wọ́n ń kọ sára ọjà wa? O ò ní láti sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn ìlà yẹn ni kí o wá so ó mọ́ iṣẹ́ rẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí àlàfo má sí láàárín: "Ògbufọ̀ ni mí ní Kétu. Mo ti tú ìwé ara ọ̀rá náà sí Faransé, ó wà nísàlẹ̀ yìí. Ta ló ń bójú tó ìwé ara ọjà tó ń wá sí Benin lọ́dọ̀ yín?" Ó parí. Gbólóhùn márùn-ún péré, ìbéèrè kan tí kò nira láti dáhùn. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá dára tí ìkejì sì jẹ́ "ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ara mi fún yín", o ti ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ sí ọ̀gá kan pé òun mọ iléèwé tó lọ, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ amúnátutù. Kí ni ti iléèwé nínú amúnátutù?

O lè máa rò ó pé, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rá tí wọ́n kọ lítà 1 sí lára ńkọ́, ṣebí òun ló le jù? Òun ló le jù lóòótọ́, ìdí nìyí tí n kò fi fi í síwájú. Ẹ̀sùn ni, ó sì kan ìyá tó ń ṣiṣẹ́ rere fún wọn láìgbowó. Bí wọ́n bá fèsì tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o lè sọ ọ́ nígbà náà, láì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Bákan náà, ohun tí ènìyàn gbé sórí ayélujára nípa ọmọ rẹ̀ tàbí ìsinmi rẹ̀, má mú un wọ lẹ́tà iṣẹ́. Ìwádìí ni lójú rẹ. Lójú tirẹ̀, ṣíṣọ́ ni.

Ohun kan wà tó kan èmi náà. Lọ́dún 2024, mo bá ọ̀rẹ́ kan kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn oníkajú kan ní agbègbè Sábẹ̀, mo sì fi í bẹ̀rẹ̀ pé mo rí bí wọ́n ṣe ń kó kajú tí a kò tíì pa lọ sókè òkun. Orí ojú ewé wọn ni mo ti kà á. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kẹrin ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Benin ti fòfin de kíkó irú kajú bẹ́ẹ̀ jáde, kí wọ́n lè máa pa á nílé. Ìròyìn àtijọ́ ni mo gbé fún wọn. Akọ̀wé wọn fèsì o, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ ti pẹ́ dé." Ìwádìí tí kò ní ọjọ́ lára burú ju ìyìn lásán lọ, nítorí ìyìn lásán kì í fi hàn pé o kò mọ̀. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí wọ́n kọ nǹkan ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

O ò lè ṣe eléyìí fún ilé-iṣẹ́ 21 lẹ́ẹ̀kan náà, má sì gbìyànjú rẹ̀. Mú mẹ́rin tí ọjà wọn wà ní Kétu tàbí lọ́nà Ìlárá, ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì ka ara ọ̀rá wọn tán. Ó ṣeé ṣe kí o rí ọ̀kan tí Faransé rẹ̀ ti pé pérépéré. Yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ, kò nílò rẹ. Bí o bá wá tí o ò rí nǹkan kan lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, má hùmọ̀. Kọ ọ́ tààrà: "Ògbufọ̀ ni mí ní Kétu, mo ń tú ìwé ara oògùn ẹran sí Faransé. Ṣé ẹ ń ta ọjà sí Benin?" Lẹ́tà yẹn ò ní dùn bíi tàkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní tì ọ́ lójú.

Ti fítámínì yẹn, mo fún ọ ní ìlà náà, ṣùgbọ́n ojú mi ló rí i, kì í ṣe tìrẹ. Yà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn fúnra rẹ, ra ọ̀rá tìrẹ, kí o sì yí ọjọ́ inú ìlà náà padà sí ọjọ́ tí o rà á. Bí ìyá yẹn bá ti gba ọ̀rá tuntun tí Faransé wà lára rẹ̀, pa ìlà náà rẹ́.