Owó ẹ̀rọ nínú ìwé ètò òwò: ọjọ́ tí ẹ san án àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ń kọ ìwé ètò òwò ọlọ́dún márùn-ún fún ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ṣe ìgò ike. Ẹ̀rọ ló fẹ́ kó gbogbo owó lọ. Mo kọ iye ẹ̀rọ sábẹ́ ìnáwó ọdún kìíní, àdánù ńlá ló jáde. Mo yọ ọ́ kúrò, èrè wá pọ̀ jù. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ kò dà bí owó iná tàbí owó oṣù òṣìṣẹ́ tí a ná tó sì tán. Bí ọdún bá parí, ó ṣì wà nílẹ̀, ohun-ìní ni. Ìwọ̀n tó gbó lọ́dún yẹn nìkan ló ń wọ ìṣirò èrè àti àdánù, òun la ń pè ní ìdínkù iye. Gbogbo owó tí ẹ san fún un ní tirẹ̀ á lọ sínú ìṣirò owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, ní oṣù tí ẹ san án gan-an. Nítorí náà, ẹ ya àtẹ kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí ìlà náà sì ní ọjọ́ méjì: ọjọ́ tí owó jáde àti ọjọ́ tí ẹ̀rọ wà ní sẹpẹ́ fún iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ìgò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní mílíọ̀nù 40 ni wọ́n ń tà á, tí ọkọ̀, títò ó àti dídán an wò sì jẹ́ mílíọ̀nù 5. Mílíọ̀nù 45 ni iye rẹ̀ lórí ìwé, torí láìsí mílíọ̀nù 5 yẹn ẹ̀rọ kò lè ṣiṣẹ́. Ká ní ẹ ó lò ó fún ọdún 7, kí ẹ tó wá tà á ní àlòkù ní mílíọ̀nù 3. Ẹ yọ owó àlòkù náà kúrò, ó ku 42. Ẹ pín in sí 7: mílíọ̀nù 6 lọ́dún, ìyẹn ẹgbẹ̀rún 500 lóṣù.

Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ kì í sábà dúró títí ẹ̀rọ yóò fi dé kó tó gbowó. Ká ní ẹ san àsansílẹ̀ mílíọ̀nù 16 ní oṣù kìíní, mílíọ̀nù 24 ní oṣù kẹrin kí ọkọ̀ tó gbé e, àti mílíọ̀nù 5 tó kù ní oṣù karùn-ún. Títò àti ìdánwò parí ní ìparí oṣù kẹfà. Oṣù keje ni ìdínkù iye bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ san àsansílẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló kàn nínú ọdún kìíní, ìyẹn mílíọ̀nù 3. Ẹ wò ó: mílíọ̀nù 45 ti jáde lápò, mílíọ̀nù 3 péré ló hàn lábẹ́ ìnáwó. Bí ẹ bá wo èrè nìkan, ẹ ó rò pé owó ń bẹ, nígbà tó jẹ́ pé àsansílẹ̀ oṣù kìíní ti gbá àpò gbẹ kí ìgò kan tó jáde. Èmi ò ní fi ọdún pín ìṣirò owó yìí, oṣù ni kí ẹ fi pín in. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí oṣù tí owó yíyá gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́.

Ìdínkù iye kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fi èrè bẹ̀rẹ̀ ìṣirò owó, ẹ dá a padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ àsanpadà ojú owó tí ẹ yá sábẹ́ ìnáwó. Èlé rẹ̀ nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ìdínkù iye àti ojú owó náà pọ̀ ti ka ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó ń fún ìgò ní ìrísí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ló sábà máa ń tú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ ká. Kì í pẹ́ tó ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ sí ìlà kan. Ká ní mílíọ̀nù 6 ni, ọdún 3 ni yóò lò, kò sì ní owó àlòkù. Mílíọ̀nù 2 lọ́dún nìyẹn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún kìíní, yóò tán ní ìparí oṣù kẹfà ọdún kẹrin. Nígbà náà ẹ gbọ́dọ̀ ra òmíràn, bóyá ní iye tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí àtẹ yín kò bá ní ohun kankan tí ẹ rà lẹ́yìn ọdún kìíní, ẹni tó mọ iṣẹ́ ní báńkì á bi yín pé kí ni ẹ ó fi ṣe ìgò ní ọdún karùn-ún.

Kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, ẹ ro iye tó kù lórí gbogbo ìlà ní ìparí ọdún kìíní. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ẹ̀rọ ku mílíọ̀nù 42, mọ́ọ̀dù ku 5, àpapọ̀ jẹ́ 47. Nọ́ńbà yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ wà ní ìlà ẹ̀rọ nínú ìwé ohun-ìní àti gbèsè. Bí kò bá bára mu, ẹ kọ́kọ́ wo oṣù tí ìdínkù iye ti bẹ̀rẹ̀; ibẹ̀ ni àṣìṣe sábà máa ń wà. Ní ti owó orí, òfin lè gba ìwọ̀n mìíràn láàyè, torí náà ẹ ṣe àtẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀.