Àyà ń já mi, inú sì ń bí mi: lánlọ́ọ̀dù fẹ́ fowó kún owó ilé

"Ọ̀la la fẹ́ sọ̀rọ̀ owó ilé tó ti di 700,000 náírà. Báwo ni mi ò ṣe ní bínú?"

Ẹ̀gbọ́n, lálẹ́ òní, ẹ kọ iye tí ẹ ò ní kọjá sínú ìwé, bíi 500,000. Àìmọ ibi téèyàn máa dúró sí wà lára ohun tó ń já tèmi láyà. Kí ẹ tó wọlé, ẹ fa èémí sínú, ẹ ka mẹ́rin, kí ẹ wá rọra mí i síta dé mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìmísíta tó gùn yẹn ló ń dẹ eré ọkàn.

Tí etí yín bá ti ń gbóná, ẹ má fèsì o. Ẹ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n rò ó, màá padà wá." Kí ẹ sì jáde lóòótọ́, bí ogún ìṣẹ́jú. Èmi dúró lọ́jọ́sí, mo pariwo, ni wọ́n bá ní kí n kó jáde.