Mo dúró de ìgbà tí mo bá bímọ kí n tó tọ́jú eyín mi, ohun tí ó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ nìyí

“Ẹ̀yin ìyá wa, oyún mi pé oṣù mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde ní erìgì mi bí mo bá ń fọ ẹnu, eyín kan ní ẹ̀yìn sì ń ro mí lóru. Ìyá ọkọ mi ní a kì í fọwọ́ kan eyín aláboyún, pé kí n fara dà á di ìgbà tí mo bá bí. Ṣé kí n dúró?”

Ẹ kú ìnira o, Ọlọ́run yóò sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀. Ẹ má ṣe dúró. Ìyá ọkọ tiyín kò fi ìkà sọ ọ́, nítorí ohun kan náà ni ìyá tí ó bí mi lọ́mọ sọ fún mi nínú oyún mi kejì, nígbà tí a ń gbé ní Òkè-Fíà ní Òṣogbo níbí, mo sì gbà á gbọ́.

Ihò kékeré kan ti wà nínú eyín mi kan ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún kí n tó lóyún. Ní àkọ́kọ́, omi tútù nìkan ni ó máa ń ta á, ìrora náà a sì lọ bí mo bá ti gbé omi náà mì. Nígbà tí oyún mi wọ ọ̀sẹ̀ 15, ó yí padà: ó ń ro mí láìjẹ́ pé mo jẹ ohunkóhun, ó ń jí mi lóru, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ó lè tó wákàtí kan kí ó tó rọlẹ̀. Mo lọ sí ilé ìtọ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà mí sílé wo ikùn mi, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ìbímọ. Kò ya ẹnu mi wò rárá.

Ohun tí ó tàn mí jẹ ni pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 19, ìrora náà dá wáí. Mo dúpẹ́, mo rò pé ó ti san. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni dókítà eyín tó ṣàlàyé fún mi pé iṣan tí ó wà nínú eyín náà ni ó kú, tí kò fi lè ké mọ́, nígbà tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń sọ̀ kalẹ̀ gba inú gbòǹgbò eyín lọ sínú egungun àgbọ̀n. Eyín tí ó ti ń roni lóru, tí ó wá dákẹ́ láìsí ìtọ́jú, kò san. Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí.

Ní ọ̀sẹ̀ 26, mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú, ara mi gbóná, ẹnu mi kò sì ṣeé là ju kí ṣíbí wọlé lọ. Ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Dókítà eyín kọ́kọ́ béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí oyún mi jẹ́, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì béèrè bóyá pẹnisílìn máa ń bá mi lára mu. Wọ́n fi aṣọ òjé bo àyà àti ikùn mi kí wọ́n tó ya àwòrán eyín kan ṣoṣo náà. Ìtànṣán irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kéré gidigidi, ẹnu ni wọ́n sì kọ ọ́ sí, kì í ṣe ikùn. Wọ́n fi ìrọ̀rí sí abẹ́ ìbàdí mi ọ̀tún kí n lè fì sí òsì, nítorí pé bí oyún bá ti tóbi, tí ìyá sì dùbúlẹ̀ gbalaja, ilé-ọmọ máa ń tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ń padà lọ sí ọkàn, òòyì a sì máa kọ́ ọ. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ lidokéènì tí ó mú ojú ibẹ̀ kú, wọ́n yọ eyín náà, ọyún sì tú jáde. Amọsisílìn ọlọ́jọ́ márùn-ún àti parasitamọ́ọ̀lù ni mo lò. Ọmọ mi ń yí nínú mi ní gbogbo àkókò náà, mo sì bí i ní oṣù rẹ̀.

Mo pàdánù eyín tí à bá gbà là. Dókítà náà sọ fún mi láìfi bò pé ká ní mo ti wá ní ọ̀sẹ̀ 15 ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fọ gbòǹgbò rẹ̀ kí wọ́n sì dí i, tí n ó ṣì máa fi jẹun. Ìgbà tí ìtọ́jú eyín rọrùn jù lọ fún aláboyún ni láàárín ọ̀sẹ̀ 14 sí 20: èébì òwúrọ̀ ti sábà máa ń lọ sílẹ̀, àkókò tí ẹ̀yà ara ọmọ ń dá ti kọjá, ikùn kò sì tíì wúwo débi tí àga dókítà yóò fi ni yín lára. Ohun tí kò kánjú, bíi fífún eyín ní àwọ̀ funfun, ni ó lè dúró di ẹ̀yìn ìbímọ. Ìrora, ọyún àti wíwú kò ní oṣù tí a ń dúró dè. Oṣù yòówù kí oyún wà, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, nítorí pé àrùn tí ó ń tàn ká inú ara ìyá léwu fún ọmọ ju abẹ́rẹ́ tí ó ń mú ojú ibẹ̀ kú lọ.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ erìgì, àwọn họ́mọ́ọ̀nù tí oyún ń mú pọ̀ sí i nínú ara ni ó ń mú kí erìgì tètè wú kí ó sì pọ́n bí ìdọ̀tí díẹ̀ bá wà ní ìdí eyín. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kejì, a máa le jù ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, a sì máa rọlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo dẹ́kun fífọ ibi tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdọ̀tí tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni ó ń fà á. Búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ ni kí ẹ lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ rọra fi dé ìdí eyín. Bí orín ni ẹ ń rún, ẹ rún ẹnu rẹ̀ kí ó rọ̀ dáadáa kí ẹ tó fi kan erìgì. Bí ẹ bá rí kókó pupa kan tí ó hù láàárín eyín méjì, tí ó sì tètè ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má bẹ̀rù pé jẹjẹrẹ ni; ẹ fi han dókítà, ó sábà máa ń súnkì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Àwọn àgbà tún máa ń sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba eyín kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, nítorí pé ọmọ ń fa kalisíọ̀mù inú eyín. Ọmọ kì í fa nǹkan kan láti inú eyín ìyá. Inú oúnjẹ ni tirẹ̀ ti ń wá, bí oúnjẹ kò bá sì tó, láti inú egungun ìyá. Èébì ni ó ń ba eyín aláboyún jẹ́ ní tòótọ́, nítorí omi kíkan inú rẹ̀, àti àjẹsílẹ̀-àjẹtúnjẹ bisikíìtì àti ohun dídùn. Lẹ́yìn èébì, ẹ po ṣíbí tíì kan bẹ́kín sódà mọ́ ife omi kan, ẹ fi yọ ẹnu, kí ẹ sì dúró fún nǹkan bí wákàtí kan kí ẹ tó fọ eyín, kí búrọ́ọ̀ṣì má baà ha ojú eyín tí omi kíkan náà ti sọ di rírọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra oògùn eyín ní kẹ́mísì fúnra yín. Tetirasaikílìn, tí àwọn kan tilẹ̀ máa ń tú sínú ihò eyín, máa ń sọ eyín ọmọ inú di aláwọ̀ ìyeyè tàbí eérú. Ibupurofẹ́ẹ̀nì lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́, kí ó sì mú kí omi tí ó yí i ká dínkù bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20. Parasitamọ́ọ̀lù ni kí ẹ lò bí ìrora bá pọ̀, láìkọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Oyún oṣù mẹ́rin ṣì wà láàárín àkókò tí mo sọ, nítorí náà, ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ. Ẹ mú káàdì ìforúkọsílẹ̀ aláboyún yín dání, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Bí ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ rí bá ní kí ẹ padà lẹ́yìn ìbímọ, ẹ béèrè fún dókítà eyín gan-an, kí ẹ sì sọ fún un pé eyín náà ń jí yín lóru. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ibà dé, tí ẹnu kò ṣeé là tàbí tí itọ́ ṣòro láti gbé mì, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé kankan. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ ní wákàtí náà, kódà bí ó jẹ́ òru.