Ágọ́ọ̀nù àti ìdọ́gba amóníà

Ìbéèrè: Tí mo bá fi ágọ́ọ̀nù kún N₂ + 3H₂ ⇌ 2NH₃ tó ti wà ní ìdọ́gba, ṣé amóníà á pọ̀ sí i, torí ìfúnpá ti ga?

Ìdáhùn: Rárá. Nínú ìkòkò onírin tí àyè rẹ̀ kì í yí padà, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Lóòótọ́, àpapọ̀ ìfúnpá ga, ṣùgbọ́n èyí tí gáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dá ní kò yí padà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Tó bá jẹ́ pé písítìnì ń sún sókè kí àpapọ̀ ìfúnpá má bàa yí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ká ní àyè di ìlọ́po méjì, ìfúnpá gáàsì kọ̀ọ̀kan á di ìdajì. Wo Q, ìpín tí iye rẹ̀ ń jẹ́ K nígbà tí ìdọ́gba bá wà:

Q = P(NH₃)² / [P(N₂) × P(H₂)³]

Òkè di 1/4, ìsàlẹ̀ di 1/16, Q wá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin K. Amóníà á máa túká títí Q á fi bá K dọ́gba.

Kí àyè kéré ló ń mú amóníà pọ̀, torí mólì 4 ń di 2. Ìgbóná ní tirẹ̀ ń yí K gan-an padà: ṣíṣe amóníà ń tú ooru jáde, nǹkan bíi 92 kJ fún mólì N₂ kan, nítorí náà bí ìgbóná bá ga, K á kéré, amóníà á dín kù.