Ẹ̀rọ bá mi tún àpilẹ̀kọ mi ṣe: kí ni kí n sọ fún jọ́nà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ti parí àpilẹ̀kọ ìwádìí kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. ChatGPT ló bá mi tún èdè ìfáárà àti ìjíròrò ṣe, òun náà ló kọ kóòdù tí mo fi ya àwòrán kejì. Word ló ṣàtúnṣe sípẹ́lì, Zotero ló to ìwé ìtọ́kasí. Èwo ni kí n sọ nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ibo sì ni kí n sọ ọ́ sí? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má dá iṣẹ́ náà padà.

Ìdáhùn: Ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí Word àti Zotero. Kò sí olóòtú tó ń béèrè ẹni tó tún sípẹ́lì ṣe tàbí ohun tó to ìwé ìtọ́kasí. ChatGPT nìkan ló gba àlàyé, ó sì ti ṣe iṣẹ́ méjì tí kò jọra fún yín. Ẹ má ṣe kó méjèèjì pọ̀ sínú gbólóhùn kan.

ICMJE, ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn lágbàáyé, ti fi ọ̀rọ̀ irú ẹ̀rọ yìí sínú ìlànà wọn láti oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe ló ń sọ ibi tí ẹ máa kọ ọ́ sí. Bó bá jẹ́ ìkọ̀wé ló bá yín ṣe, abala ìdúpẹ́ ló wà fún. Bó bá jẹ́ pé ó lọ́wọ́ nínú kíkó dátà jọ, nínú ìṣirò tàbí nínú yíya àwòrán, abala ọ̀nà ìṣèwádìí ni. Nítorí náà, èdè tí ó tún ṣe á lọ sí ìdúpẹ́, kóòdù àwòrán kejì á lọ sí ọ̀nà ìṣèwádìí. Ẹ tún mẹ́nu ba méjèèjì nínú lẹ́tà tí ẹ fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olóòtú. Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀rọ náà mọ́ ti àwọn òǹkọ̀wé, nítorí kò lè jíhìn fún ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, ẹ ka ìlànà jọ́nà tí ẹ̀ ń lọ gan-an. Springer Nature ò béèrè ìkéde bó bá jẹ́ pé èdè tí ẹ ti fúnra yín kọ ni ẹ̀rọ kàn tún ṣe kó lè dán. Elsevier ní tiwọn máa ń fẹ́ abala ìkéde tó dá dúró, ṣáájú ìwé ìtọ́kasí. Bí ìlànà wọn bá rú yín lójú, ẹ sọ ọ́. Mi ò rí olóòtú tó bínú sí òǹkọ̀wé nítorí ìkéde tó pọ̀ jù.

Bí mo bá wà ní ipò yín, báyìí ni mo máa kọ ti ìdúpẹ́: «A lo ChatGPT (ẹ̀dà báyìí, oṣù báyìí) láti tún èdè ìfáárà àti ìjíròrò ṣe. A fi gbogbo àtúnṣe náà wé ohun tí a kọ́kọ́ kọ, àwa òǹkọ̀wé la sì máa dáhùn fún gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.» Nínú ọ̀nà ìṣèwádìí, ẹ kọ pé òun ló kọ kóòdù àwòrán kejì, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, bí àpẹẹrẹ, pé ẹ fọwọ́ ṣírò iye mélòó kan láti inú dátà, ó sì bá ohun tó wà lórí àwòrán mu.

Gbólóhùn «a fi wé ohun tí a kọ́kọ́ kọ» yìí ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà, torí ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ láì ṣe é. Ẹ ṣí ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ kà wọ́n ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mo ti gba àpilẹ̀kọ kan rí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ kọ pé àìsùn dáadáa «wọ́pọ̀ láàárín» àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ tún un ṣe, ó di pé àìsùn dáadáa «ń fa» ẹ̀jẹ̀ ríru. Èdè náà dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ dátà ọ̀hún kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ tún wo ìwé ìtọ́kasí tí kò sí nínú Zotero yín tó sì wá hàn nínú ìpínrọ̀: ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń hùmọ̀ àkọlé ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín, ohun tí wọ́n fi pa mọ́ ló sábà ń dá iṣẹ́ padà. Ní ọdún 2024, àpilẹ̀kọ kan jáde tí ìfáárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tí ẹ̀rọ fi ń dá ẹni tó bi í léèrè lóhùn. Àwọn òǹkọ̀wé ò rí i, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò náà ò rí i, àwọn òǹkàwé ló rí i, wọ́n sì fa àpilẹ̀kọ náà yọ lẹ́yìn náà.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi ìkéde náà han gbogbo àwọn tí ẹ jọ kọ ọ́, torí ẹnìkan nínú wọn lè ti lo irinṣẹ́ tí ẹ ò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti fi iṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́ láì kéde, ẹ kọ̀wé sí olóòtú lónìí pé ẹ fẹ́ fi gbólóhùn kan kún un. Ó rọrùn nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ju ìgbà tó bá ti jáde lọ.